Bùbù Tàbí Jákẹ́ẹ̀tì? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Àyà



Ìmọ̀ràn méjì ni obìnrin tó sanra máa ń rí gbà nígbà tó bá ń múra àpérò ojúmọmọ, ìmọ̀ràn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Àwọn kan á ní kó wọ aṣọ tó dà sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bùbù tàbí kafutáànì, nítorí pé ó ń bo ara. Àwọn kejì á ní rárá o, aṣọ tó dúró ni kó wọ̀, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ gọ́ọ̀mù sitéè sí nínú, tó ní pádì léjìká àti láínìn, nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ara ní ìrísí, kí wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló dé. Mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn yìí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn kan nínú yín ní iṣẹ́ aṣọ eré orí ìtàgé, ó sì ti sú mi. Ohun tó sú mi níbẹ̀ ni pé apá méjèèjì ń wo aṣọ láti ìta, bí ẹni ń wo fọ́tò. Fọ́tò kì í jókòó. Fọ́tò kì í gun àtẹ̀gùn.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí aṣọ máa fojú rí lọ́jọ́ àpérò. Obìnrin náà á jókòó láti agogo 9 àárọ̀ títí di ọ̀sán, lórí àga ike tó ní apá lọ́tùn-ún lósì. Á dìde, á gun orí pèpéle. Ẹnì kan á wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré há a lọ́rùn aṣọ, á sì ní kó wá ibì kan fi àpótí bátìrì rẹ̀ kọ́. Á na ọwọ́ sókè láti tọ́ka sí àwòrán ara ògiri. Iná lè lọ, kí ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, kí gbogbo gbọ̀ngàn máa gbóná. Lẹ́yìn náà, á jẹ ìrẹsì ọ̀sán, á tún padà wá jókòó. Aṣọ tó bá kùnà níbi ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, obìnrin náà ni yóò máa bá a tún un ṣe lójú gbogbo ayé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì wà lọ́rùn aṣọ, ọkàn rẹ̀ kò lè wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè. Mo ti jókòó níwájú nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ rí, tí mo wo ọ̀mọ̀wé kan tó fa ọrùn bùbù rẹ̀ síwájú ní ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú 20. (Mo kà á. Ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wo aṣọ.) Iṣẹ́ ìwádìí tó kà dára gan-an. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn ààbọ̀, ó sáré jókòó.

Orí bùbù ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù. Bùbù kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Bùbù gínì tí wọ́n fi sítáàṣì sí, tí wọ́n wá lù títí ó fi ń dán, aṣọ tó dúró ni: bí wọ́n ṣe gé e ló dà sílẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n fi rán an le gbagidi. Èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bùbù "ríìṣì áńtì", tó ń yọ̀ bíi sílíkì, òun ló ń dà sílẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá ní kí ọ̀rọ̀bọ̀ wọ bùbù láìsọ irú aṣọ tí wọn máa fi rán an, kò tíì sọ nǹkan kan. Bùbù gínì, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dúró, ọba ni. Tó bá jókòó, aṣọ náà á wú sókè nítan bí ìrọ̀rí, á sì máa dún wàràwàrà sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbàkúùgbà tó bá mí ọwọ́. Ti ríìṣì áńtì kì í dún, kì í sì í wú, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀. Tí wọ́n bá fi pọlíẹ́sítà rán an, kì í mu òógùn, torí náà tí iná bá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara.

Kí ló ń jẹ́ kó máa yọ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé e. Wọ́n á ká aṣọ sí méjì, wọ́n á gé ihò ọrùn sójú ibi tó ká, wọ́n á rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí. Èjìká ọmọ èèyàn kì í tẹ́ bíi tábìlì, láti ọrùn ló ti ń dà sílẹ̀ lọ sí apá. Ọrùn gan-an kò dúró sáàárín, ó yọ síwájú díẹ̀. Bí ihò bá wá wà láàárín gbùngbùn, ọrùn aṣọ á máa fún ọ̀nà ọ̀fun, aṣọ á máa yọ́ lọ sẹ́yìn, obìnrin á sì máa fà á bọ̀ síwájú. Títí dé ibí yìí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀bọ̀ àti lẹ́pa. Ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àyà. Aṣọ iwájú ní òkè tó máa gùn kó tó sọ̀ kalẹ̀: ó máa gba orí àyà kọjá, ó tún máa gba orí ikùn. Ẹ̀yìn kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá wá gùn bákan náà lórí tábìlì télọ̀, ó dájú pé iwájú máa kúrú lára ẹni tó láyà.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ rọrùn. Ẹ wọ aṣọ náà, ẹ dúró fẹ̀gbẹ́ sí dígí, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Tí iwájú bá fi ínṣì 2 ga ju ẹ̀yìn lọ, àyà àti ikùn ti jẹ ínṣì 2 nínú aṣọ nìyẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fà á tó máa fi gbọ́. Kí télọ̀ gé iwájú gùn ju ẹ̀yìn lọ ní ínṣì 2 ni. Kó jẹ́ kí èjìká fi bí ínṣì 1 ààbọ̀ dà sílẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìpẹ̀kun èjìká. Kó gé ihò ọrùn jìn níwájú ju ẹ̀yìn lọ: ínṣì 1 péré lẹ́yìn, bíi 4 níwájú. Kó lẹ gọ́ọ̀mù sitéè sí abẹ́ ọrùn náà, kí ohun tí wọ́n bá há mọ́ ọn má baà fà á wálẹ̀. Kó wá rán okùn pẹlẹbẹ kan mọ́ inú aṣọ níbi wéèsì, tí ẹ máa so mọ́ ara lábẹ́ aṣọ kẹ́nikẹ́ni má rí i. Okùn yẹn á di ẹ̀yìn bùbù mú kó má yọ̀, ibẹ̀ náà lẹ sì máa fi àpótí bátìrì kọ́. Iwájú á ṣì máa dà sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Bùbù tí wọ́n bá ṣe báyìí, mo lè wọ̀ ọ́ dé ibikíbi.

Ó yá, ó kan jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní kó wá sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde níbi àpérò kan n'Íbàdàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà nílẹ̀, aṣọ ni kò sí." Télọ̀ rẹ̀ ti rán jákẹ́ẹ̀tì kan fún un, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹni tó yá kóòtù bàbá rẹ̀ wọ̀ ló rí: èjìká aṣọ ti fi ínṣì kan sọ̀ kọjá èjìká rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ abíyá jìn wálẹ̀, síbẹ̀ bọ́tìnnì àyà ń fà, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá na ọwọ́ sókè ni jákẹ́ẹ̀tì náà máa ń tẹ̀lé ọwọ́ lọ. Èrò tirẹ̀ ni pé òun ti sanra jù fún jákẹ́ẹ̀tì.

Mo ní kó fi téèpù wọn ara rẹ̀ fún mi ní ọ̀nà méjì: kó kọ́kọ́ wọn òkè àyà, níbi tí téèpù ti máa gba abẹ́ abíyá lọ yí ẹ̀yìn ká, kó tó wọn ojú àyà gan-an, níbi tó ti yọ jù. Òkè àyà jẹ́ ínṣì 44, ojú àyà jẹ́ 50. Gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn pátáànù tí wọ́n ń tà, tí ọ̀pọ̀ télọ̀ náà fi kọ́ṣẹ́, ara ẹni tí ìyàtọ̀ méjèèjì tó bí ínṣì 2 ni wọ́n fi gé wọn. Télọ̀ rẹ̀ wo 50, ó mú pátáànù àyà 50. Àmọ́ pátáànù àyà 50 rò pé òkè àyà ẹni náà jẹ́ 48, ó sì fi èjìká, ihò apá àti ẹ̀yìn gbòòrò bá 48 yẹn mu. Egungun ọmọ yìí kì í ṣe ti ẹni 48. Èèyàn lè sanra kí èjìká rẹ̀ má fẹ̀ sí i. Ìyẹn ni aṣọ fi tóbi níbi tí kò yẹ, tó sì fún níbi tó yẹ kó tóbi.

Ohun tó yẹ kí télọ̀ ṣe ni kó fi òkè àyà yan pátáànù. Òkè àyà 44 máa fún un ní pátáànù tí ojú àyà rẹ̀ jẹ́ 46. Èjìká á bá a mu, ẹ̀yìn á bá a mu, ihò apá á wà níbi tó yẹ. Á wá ku ínṣì 4 kí 46 tó di 50. Iwájú nìkan ni wọ́n ti máa fi ínṣì 4 yẹn kún un, 2 ní ọ̀tún, 2 ní òsì. Wọ́n á la pátáànù iwájú gba ojú àyà kọjá, wọ́n á yà á, dáàtì á wá tóbi sí i, kí aṣọ lè rí àyè yọ bí ara ṣe yọ. Bí wọ́n bá là á bó ṣe yẹ, gígùn iwájú náà á pọ̀ sí i. Ẹ rántí ínṣì 2 ti bùbù? Àìsàn kan náà ni. Aṣọ tó dúró àti èyí tó dà sílẹ̀, ohun kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì jẹ́ lára ọ̀rọ̀bọ̀: ẹni tó gé wọn ṣe bí ẹni pé kò sí àyà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba àríyànjiyàn òkè yẹn gbọ́. Obìnrin kan á wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé sódì, á sá lọ sí bùbù, á bá aburú kan náà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò hàn tó bẹ́ẹ̀, á wá sọ pé bùbù ló yẹ òun.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà ara aṣọ. Aṣọ tí kò tó níbì kan máa ń fa ìlà, ìlà náà á sì nàka sí ibi tí kò tó. Bí ìlà bá ti abíyá nà dé ojú àyà, dáàtì kéré nìyẹn. Bó bá dábùú níbi bọ́tìnnì, fífẹ̀ ni kò tó. Tí aṣọ bá wá ń ká wọ́ lóòró létí èjìká, ó pọ̀ jù níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Apá náà ní tirẹ̀: apá rẹ̀ lókè jẹ́ ínṣì 17, wọ́n sì rán ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì ní 17 géérégé. Ó kéré tán, kó jẹ́ 19, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ká ọwọ́ kò láìjẹ́ pé gbogbo ẹ̀yìn bá a lọ. Mo sì ní kó jókòó wọn ìdí, nítorí àwọn télọ̀ wa kì í wọn èèyàn níjòókòó. Ní ìdúró, 54. Ní ìjókòó, 57. Ínṣì 3 yẹn ló ń ya síkẹ́ẹ̀tì ní agogo 11 àárọ̀. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá máa gùn kọjá wéèsì, kí wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ya sọ́tùn-ún sósì tó bá jókòó. Láínìn ńkọ́? Pọlíẹ́sítà ni wọ́n máa ń fi ṣe é, oru rẹ̀ kò sì kéré. Kí wọ́n fi mọ sí èjìká àti ọwọ́, kí aṣọ lè wọ̀ ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí kọ́sẹ́ẹ̀tì ànkárá tó gbòde. Fún òde ìgbéyàwó, ẹ máa wọ̀ ọ́, ó dùn-ún wò. Ẹni tó máa fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mo ti kọ́ yín pé ìsàlẹ̀ ìhà ni èémí tó ń gbé ohùn ti ń wá, pé ìhà gbọ́dọ̀ lè fẹ̀. Egungun ike tí wọ́n tò síbẹ̀ kò ní gbà fún un.

Àwọn tó ń sọ pé aṣọ tó dúró nìkan ló ń fi hàn pé obìnrin mọ ohun tó ń ṣe, àwọn ni mo fẹ́ bá jà díẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ti lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ nígbà tó ń ṣíwájú àwọn obìnrin lórí ọ̀rọ̀ owó orí, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má baà rò pé òun ju wọn lọ. Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Kò nílò pádì èjìká. Ìró ní ọgbọ́n kan tí jákẹ́ẹ̀tì kò ní: kò ní ìwọ̀n. Ara ẹni tó so ó ni ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó bá jókòó tàbí tó jẹun á tú u, á tún un so. Àmọ́ ọgbọ́n yẹn náà ni wàhálà rẹ̀ ní àpérò, nítorí kò síbi tí èèyàn ti máa tún ìró so lórí pèpéle. Bùbá náà, ẹ má gbàgbé, bákan náà ni wọ́n ń gé ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú bùbù.

Kí ni mo wá sọ fún ọmọ yìí? Mo ní kó jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dúró lókè, kó dà sílẹ̀ nísàlẹ̀. Àdìrẹ olówùú ni mo ní kó rà, nítorí òwú ń mu òógùn, kì í sì í dún. Láti èjìká dé abẹ́ àyà, kí wọ́n gé e bí jákẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú pátáànù 44 tí a fi ínṣì 4 kún iwájú rẹ̀, kí wọ́n lẹ sitéè fẹ́lẹ́ sí ọrùn àti èjìká. Láti abẹ́ àyà lọ sílẹ̀, kí aṣọ fẹ̀ títí kan ọrùn ẹsẹ̀. Ìdí tí mo fi mú abẹ́ àyà ni pé ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù lára tirẹ̀, ínṣì 41, nígbà tí wéèsì rẹ̀ jẹ́ 45. Ọwọ́ kó dé ìgúnpá. Kí wọ́n fi àpò sí ẹ̀gbẹ́, kí okùn inú sì wà. Kí wọ́n ṣọ́ra kí òǹtẹ̀ róbótó ara àdìrẹ má bọ́ sí ojú àyà gan-an, lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Mo ti rí i rí, gbogbo gbọ̀ngàn náà sì rí i.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ti gbogbo ọ̀rọ̀bọ̀ o. Obìnrin tí ikùn rẹ̀ yọ ju àyà lọ, tó bá wọ aṣọ tí wọ́n gé lábẹ́ àyà, wọ́n á máa bi í pé oṣù mélòó ni. Kí irú wọn wọ gáùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká láìdúró níbikíbi, kí wọ́n ju jákẹ́ẹ̀tì gígùn tí kò ní bọ́tìnnì lé e lórí. Ẹni tó jẹ́ pé ìdí ló gba gbogbo ara, tí òkè àyà àti ojú àyà rẹ̀ kò jìnnà síra, jákẹ́ẹ̀tì ọjà lásán lè bá a mu rẹ́gí, síkẹ́ẹ̀tì ni kó jẹ́ kó fẹ̀.

Télọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ bínú. Ó ní òun ti ń ránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò gé pátáànù mọ́, orí aṣọ lòun ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, tí òun á gé e lọ. Mo ní kó sanwó iṣẹ́ aṣọ ìdánwò fún un lọ́tọ̀, kó fi téru olówó pọ́ọ́kú rán an ná. Inú rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí ọmọ yìí wọ téru náà, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó lórí àga ike, ó na ọwọ́ sókè, ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká kò mira. Ṣùgbọ́n ìlà abẹ́ àyà fi ínṣì 1 gun orí àyà, torí pé télọ̀ fi fífẹ̀ kún iwájú láìfi gígùn kún un. Wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àpérò pé, wọn kò sì tíì gé etí ìsàlẹ̀ àdìrẹ náà: mo ní kó kọ́kọ́ lọ ra bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, kó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.